Ṣé mo lè fi orúkọ ara mi ṣe inṣọ́ránsì ilé bàbá mi?

Àkọ́bí Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ṣì wà láyé, àgbà sì ti dé sí wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wọn wà, Èkó ni èmi ń gbé. Iná jó ilé kan ní àdúgbò wọn láìpẹ́ yìí, àyà mi sì já. Mo fẹ́ ṣe inṣọ́ránsì iná fún ilé náà, ₦30 mílíọ̀nù, kí n máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi ni àkọ́bí, owó mi ni wọ́n sì fi pààrọ̀ òrùlé. Aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní kí n kọ orúkọ ara mi sínú fọ́ọ̀mù, àbúrò mi ní kí n ṣì dúró. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Awakọ̀ Mọ́kọ́lá: Ẹni tó bá ń san owó ló ni inṣọ́ránsì. Ẹ sáà tọ́jú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ iye tó kéré sí iye ilé náà o, torí wọ́n á gé e lára owó yín bí iná bá ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi tó bàbá létí. A kì í ṣe inṣọ́ránsì ẹ̀mí òbí ẹni lẹ́yìn wọn.

Àkọ́bí Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé, mà. Ilé ni mo ń sọ, kì í ṣe ẹ̀mí wọn.

Búrókà Àtijọ́: Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn. Òótọ́ ni ohun tí Awakọ̀ sọ nípa iye ilé, ṣùgbọ́n sísan owó kò sọ yín di ẹni tí òfò kàn. Bí ilé bá jó, ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín ni pé: kí ló ti ọwọ́ yín sọnù? Bàbá ló ni ilé. Wọ́n lè tà á lọ́la, wọ́n lè fún ẹlòmíràn nínú ìwé ìhágún. Ìrètí ogún lẹ ní, òfin kò sì ka ìrètí sí ohun ìní. Bí ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú ilé bá lè gba ₦30 mílíọ̀nù nígbà tó bá jó, tẹ́tẹ́ ló ń ta, ìjàǹbá á sì di èrè fún un.

Awakọ̀ Mọ́kọ́lá: Kí ló dé tí wọ́n fi gba owó nígbà náà?

Búrókà Àtijọ́: Nítorí pé ọjọ́ òfò ni wọ́n sábà máa ń tú ìwé wò. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo wa ń kọ́ nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Macaura, onílẹ̀ kan ní Ireland, ta gẹdú orí ilẹ̀ rẹ̀ fún kọ́ńpìnnì kan. Òun nìkan àtàwọn aṣojú rẹ̀ ló ni gbogbo ṣíà kọ́ńpìnnì náà, kọ́ńpìnnì náà sì tún jẹ ẹ́ lówó. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ṣe inṣọ́ránsì gẹdú. Iná jó o ní 1922. Ní 1925, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé kò ní gba kọ́bọ̀: gẹdú ti di ti kọ́ńpìnnì, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó, ẹni tó ni gbogbo ṣíà ni o, kì í ṣe ọmọ tó ń retí ogún.

Oníṣòwò Òṣogbo: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi rèé. Mo ta Corolla mi, inṣọ́ránsì ńlá rẹ̀ ṣì wà lórúkọ mi, ẹni tó rà á ò tíì yí ìwé padà. Wọ́n ti jí ọkọ̀ náà báyìí, ó ní kí n lọ gba owó kí a pín in.

Búrókà Àtijọ́: Ṣé ó ti san owó tán?

Oníṣòwò Òṣogbo: Ó ku ₦400,000.

Búrókà Àtijọ́: Ẹ má lọ gba owó náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n jí i, ọkọ̀ ti di tirẹ̀. Gbèsè tó jẹ yín kò sọ ọkọ̀ di tiyín. Gbèsè tí kọ́ńpìnnì jẹ Macaura kò kúkú gba òun náà sílẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ yín pẹ̀lú kò ní rí nǹkan gbà, torí òun kọ́ ló bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe àdéhùn, inṣọ́ránsì kì í sì í dédé tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ọmọ Amòfin: Mi ò gbà pátápátá. Bí ìwé ìtajà bá sọ pé ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó tà á títí owó á fi pé, òfò kàn án. Kí ló wà nínú ìwé yín?

Oníṣòwò Òṣogbo: Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ṣe é.

Àkọ́bí Ògbómọ̀ṣọ́: Òrùlé tí mo fowó mi ṣe ńkọ́?

Búrókà Àtijọ́: Bí ẹ bá fi ta bàbá lọ́rẹ ni, ó ti di ara ilé wọn. Orúkọ bàbá ni kí ẹ kọ gẹ́gẹ́ bí onílé, kí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí ẹ̀yin máa san owó. Kò sí òfin tó ní kí ẹlòmíràn má bá wọn san án. Bí iná bá jó o, bàbá ni wọ́n máa sanwó fún. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní apá kan ilé náà nígbà ayé wọn, kí lọ́yà kọ ọ́. Apá yẹn lẹ lè wá fi orúkọ yín dáàbò bò.

Ọmọ Amòfin: Bí bàbá bá sì papò dà, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà kíákíá, torí ọwọ́ àwọn tí òfin bá fún láṣẹ láti bójú tó ogún ni ilé máa bọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ àkọ́bí nìkan.

Àkọ́bí Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ti pe aṣojú yẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

Búrókà Àtijọ́: Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú pé wọ́n mọ̀ pé ilé kì í ṣe tiyín. Ẹ padà wá sọ ohun tó bá wí.