Oníbàárà tó yọ owó orí kó tó san owó iṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń kọ tiyín?

Bísí
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó. Owó iṣẹ́ ₦500,000, fáàtì 7.5% ₦37,500, àpapọ̀ ìnfọ́ìsì ₦537,500. Ohun tó wọ báńkì ni ₦510,625. Wọ́n ní owó orí 5% làwọn yọ. Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé fẹ́ tún ìnfọ́ìsì kọ sí iye tó wọlé. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Káyọ̀dé
Ẹ̀dínwó lèmi máa ń pè é nínú lẹ́jà. Àkáǹtì oníbàárà á bọ́ sí òdo, ó parí.

Bàbá Lẹ́jà
Káyọ̀dé, o ń da owó ara rẹ nù ni. Owó orí tìrẹ ni wọ́n bá ọ san sílẹ̀ yẹn. Tó o bá ń ṣírò owó orí lórí èrè ọdún, wàá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó o máa san. Tó o bá ti pè é ní ẹ̀dínwó, ta ló máa rántí?
Bísí, ẹ má fọwọ́ kan ìnfọ́ìsì. ₦500,000 lẹ tà, ₦500,000 ni kó wà nínú ìwé títà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í ṣírò: orí ₦537,500 ni wọ́n ti yọ 5%. Fáàtì kì í ṣe owó tiyín, wọn kì í yọ ọ́ lórí rẹ̀. ₦25,000 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n dá ₦1,875 padà. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ó máa rí báyìí:

```
Dẹ́bíìtì   Báńkì                   512,500
Dẹ́bíìtì   Owó orí tí wọ́n yọ         25,000
Kírẹ́díìtì Oníbàárà                537,500
```

Mọ́remí
Ṣọ́ọ̀bù lèmi fi háyà o, 10% ni wọ́n yọ lára tèmi! Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ?

Bàbá Lẹ́jà
Rárá, 10% ni ti owó ilé. Rìsíìtì rẹ ni kó o béèrè.

Káyọ̀dé
Rìsíìtì yẹn gan-an ni wàhálà. Oníbàárà mi kan ti yọ tiẹ̀ tipẹ́, kò fún mi ní nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ síwájú ìjọba?

Bàbá Lẹ́jà
Ìyẹn ni mo fi ń ya àkáǹtì owó orí yìí sọ́tọ̀ lórúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ẹni tí màá máa dà láàmú. Láìsí rìsíìtì tó ní nọ́ńbà owó orí rẹ lára, o ò lè fi san nǹkan kan.

Bísí
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ₦26,875 ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba lórúkọ mi, àwọn ò lè gbà á padà.

Bàbá Lẹ́jà
Tí rìsíìtì bá gbé ₦26,875, iye yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ óò lò ó lópin ọdún.

Káyọ̀dé
Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òní ni Bísí nílò owó ẹ̀, kì í ṣe òpin ọdún. Kí wọ́n san án látàpò ara wọn.

Bísí
Rìsíìtì ò tíì dé ṣá. Mo ṣì fi ₦26,875 sílẹ̀ lọ́rùn wọn nínú lẹ́jà.