Wọ́n ti ń bèèrè iye owó oṣù tí mò ń retí, kí ni kí n sọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe l'Ékòó, ₦350,000 ló ń wọ àkáǹtì mi lóṣù lẹ́yìn owó orí. Obìnrin kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ pè mí, a ò tíì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá tó fi ní, “Èló lẹ ń retí?” Ó ń dúró de èsì mi.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò náà. Bó bá kọ̀, ṣé kí n ní ₦500,000 sí ₦600,000 kí wọ́n tó yọ owó orí, pé a ṣì lè jọ sọ ọ́? Àbí ₦500,000 yẹn ni wọ́n máa dì mú? Tó bá wá bèèrè iye tí mò ń gbà báyìí ńkọ́?