Oníbàárà ní “òní ni dandan”, àyè ò sì sí. Kí lẹ máa ń sọ fún un?

Akọ̀wé Ìkejà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ilé iṣẹ́ ṣe ìṣirò owó. Oníbàárà pè ní aago 11 àárọ̀: lẹ́tà owó orí ti dé, a gbọ́dọ̀ ríra lónìí. Aago 12, oníbàárà mìíràn ń bọ̀. Aago 2, kíka ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí ní Àpápá. 4:30, ìpàdé àwa ará ọ́fíìsì. Kí lẹ máa fún un lésì?

Ọmọ Mushin: Ẹ pa fóònù.

Ìyá Oníṣirò: Ẹ má pa nǹkan kan. Kẹ́ ẹ tó máa wá aago, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ béèrè. Kó ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ibi tí iye owó wà, kó sì sọ ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n fi gé owó orí fún un, 30 ọjọ́ ló ní láti kọ̀wé pé òun ò fara mọ́ ọn. Bó bá ṣì ku ọjọ́ 26, ẹ̀rù ló ń bà á, àkókò ò tíì lọ. Àmọ́ bí lẹ́tà bá ti sùn nínú dúrọ́ọ̀ fún ọjọ́ 28, òótọ́ ló ń sọ, òní náà ni. Ti ará ọ́fíìsì lẹ máa yẹ̀. Ẹ ò lè fọwọ́ kan ti oníbàárà kejì. Ti Àpápá náà ò ṣe é sún: wọ́n ti dá ẹrù wíwọlé dúró kẹ́ ẹ lè kà á.

Tísà Owó: Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni wọ́n ń kà, mà.

Ìyá Oníṣirò: Rárá, ọjọ́ tó dé ọwọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé fi gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ sára ẹ̀dà tó bá fọwọ́ sí, kó sì tọ́jú àpòòwé. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ kà á láti ọjọ́ orí lẹ́tà, kó má di àríyànjiyàn.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Àgbà tó ń gbéṣẹ́ fún yín, Wáàsáàpù lẹ fẹ́ fi sọ fún un pé kò sáyè?

Ìyá Oníṣirò: Ẹ kọ́kọ́ pè é, bàbá, ẹ kí i dáadáa. Kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, torí ohun tá a sọ lẹ́nu nìkan máa ń yí padà:

“Ẹ kú ọ̀sán, sà. Aago 4:30 la ó pè yín fún ìṣẹ́jú 15, lórí ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ wọlé nìkan. A ó jókòó lọ́la ní aago 9, pẹ̀lú ìwé báńkì oṣù 12. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ èsì, ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀.”

Ẹ má yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹlòmíì á ti sanwó kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀rù sáà ń bà á.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Alágbára Òṣogbo: Ẹ má sì sọ pé “màá gbìyànjú”. “Ẹ máa bọ̀” lòun gbọ́. Tó bá di aago 3, á ti jókòó sí ọ́fíìsì yín.

Ọmọ Peckham: Lọ́ńdọ̀nù lèmi wà, Èkó ni oníbàárà mi wà. Ẹ rántí yọ wákàtí kan o, ẹ̀yìn Èkó la máa ń wà.

Tísà Owó: Ìgbà òtútù nìyẹn! Láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta sí Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ ń yí aago, àwa kì í yí tiwa.

Ọmọ Peckham: Háà. Abájọ.

Ọmọ Mushin: Abájọ kí ni? Ẹ sọ ọ́ tán 😂

Alágbára Òṣogbo: Ìṣẹ́jú 15 wo gan-an? Ó máa gbé àbúrò ẹ̀ àti lóyà sórí ìlà, á di wákàtí kan.

Ìyá Oníṣirò: Ẹ fi síwájú ohun tí ò ṣe é sún, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀: “4:45 ni mo ń wọlé síbòmíì.” Ìparí ìpè ti pẹ́ jù láti sọ ọ́.

Tísà Owó: Èmi á gba owó lórí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìpàdé ọjọ́ kan náà lówó tiẹ̀.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Kó lè gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì.

Tísà Owó: Kó gbé e lọ, sà.

Akọ̀wé Ìkejà: Fọ́tò ti dé. Ọjọ́ 4 sẹ́yìn ló gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò rí iye owó kankan níbẹ̀ o. Ìwé ìṣirò ni wọ́n ń béèrè.

Ìyá Oníṣirò: Ẹ̀n-ẹ́n, 30 ọjọ́ yẹn kọ́ nìyẹn. Wọn ò tíì gé nǹkan kan fún un. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ìwé ọ̀hún á wà nínú lẹ́tà fúnra ẹ̀.

Akọ̀wé Ìkejà: Ọjọ́ 7 ni wọ́n kọ.

Ìyá Oníṣirò: Ó ku mẹ́ta. Aago 9 ọ̀la ṣì dáa, àmọ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé báńkì jọ lálẹ́ òní.