Àbọ̀ rèé lórí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà mi

Ìbéèrè mi níbẹ̀rẹ̀ ọdún: "Mo fẹ́ máa kàwé sí i lọ́dún yìí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ń ṣe é?"

Ẹni tó ní kí n ka ìwé 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre, àmọ́ ìwé pẹlẹbẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà jọ kí iye lè pé. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n máa fi ojú ìwé ṣírò ló là mí lójú: 3,000 lọ́dún, bíi 58 lọ́sẹ̀, kí n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ní ìparí oṣù kẹta, 520 ni mo bá dípò 750. Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má sáré san gbèsè náà lọ́sẹ̀ kan. Kí n pín 2,480 tó kù sí ọ̀sẹ̀ 39. Ó já sí 64 lọ́sẹ̀, mẹ́fà péré ló fi lé! Nígbà tí oṣù kẹfà parí, mo ti dé 1,360.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dárúkọ ìwé tó dùn, ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè o (mo ka méjì nínú ẹ̀ ṣá). Ṣé ká ka ojú ìwé tí mo ti kà nínú ìwé tí mo pa tì láàárín mọ́ iye náà? Èmi àti ẹ̀gbọ́n ò tíì fẹnu kò. Èmi ń kà á mọ́ ọn.