Bí mo ṣe lè to nọ́ńbà 640 sínú IN nínú SQL

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà 640 wà lọ́wọ́ mi nínú Excel, mo sì fẹ́ fi wọ́n ṣa orúkọ nínú dátábéèsì. VARCHAR ni wọ́n níbẹ̀, nítorí náà àmì ' gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kọ́mà sì tẹ̀ lé e. Ohun tí mo kọ sí B2 tí mo fà wálẹ̀ nìyí:

```
="'"&A2&"',"
```

Kọ́mà tó gbẹ̀yìn ń fa àṣìṣe, ọwọ́ ni mo fi ń pa á rẹ́. Èyí tó ká mi lára jù ni pé Excel ti gbé òdo iwájú jẹ: nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ dígíìtì 11 di dígíìtì 10. SQL ò sọ pé àṣìṣe kankan wà, àmọ́ kò rí ẹnì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè dá òdo náà padà nínú fọ́múlà yìí, kí n sì so gbogbo wọn pọ̀ láìsí kọ́mà ìparí?