Ṣé ká yáwó ra ilé-iṣẹ́ kágò yìí, àbí ká fi owó ara wa rà á?

Bàbá Alágbàá (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń kó àgbá àti kọ̀ǹténà lọ sí Èkó tipẹ́ fẹ́ padà sí Ìbàdàn, ó sì fẹ́ ta kọ́ńpìnì rẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi. £200,000 ló ń pè é. Èrè ọdún kan, kí owó orí tó kúrò níbẹ̀, máa ń tó £40,000. Owó wa tó o láti rà á láìyá kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n báǹkì ní àwọn lè yá kọ́ńpìnì ní £100,000 ní èlé 8% lọ́dún. Oníṣirò owó wa ní ká yá a, pé gbèsè ń dín owó orí kù. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní bákan náà ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Mànṣẹ́sítà): Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá a jàre. Bí wọ́n bá gbé £180,000 wá pàápàá, ẹ gbà á. £40,000 lórí £200,000 tiyín, 20% nìyẹn. Tí ẹ bá yá ìdajì, ẹ ó san èlé £8,000, á ku £32,000 lórí £100,000 tiyín. 32%! Owó olówó ló ń bá yín ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì (Húsítìnì): Èmi náà fẹ́ bèèrè o. Ilé tí à ń gbé, ṣé kí n tètè san lóònù rẹ̀ tán ni, àbí kí n jẹ́ kó máa lọ?

Màmá Ẹdinbọ́rà: Ìyá Ìbejì, tiyín yàtọ̀. Ilé tí ẹ ń gbé kì í mú èrè wá tí ẹ ó pín pẹ̀lú báǹkì. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín sílẹ̀ ná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìṣirò yín pé, ibi tí ẹ gúnlẹ̀ sí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó ń yá àwọn kọ́ńpìnì kéékèèké lówó ni mo wà ní báǹkì kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún tí ọjà bá kú la kọ́kọ́ máa ń wò. Ká ní £10,000 péré ni wọ́n jẹ lọ́dún kan. Láìsí gbèsè, 5% ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Tí gbèsè bá wà, báǹkì á kó £8,000 tirẹ̀ lọ, á ku £2,000: 2% nìyẹn. Bí èrè bá jẹ́ £16,000 gẹ́lẹ́, ọ̀nà méjèèjì á dọ́gba sí 8%. Òkè ibẹ̀ ni gbèsè ti ń dùn, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń korò. Ewu ni 32% yẹn ń sanwó fún, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun tí ọmọ Bàbá Alágbàá ń sọ nìyẹn. Modigliani àti Miller ló kọ ọ́ lọ́dún 1958. Ẹ gbàgbé owó orí ná. Àgbá tí wọ́n ń kó kò mọ ẹni tó ni owó tí wọ́n fi ra kọ́ńpìnì. £40,000 ló ń mú wá. Báǹkì gba £8,000, ẹ̀yin gba £32,000, ẹ rò ó pọ̀, £40,000 náà ni. Ẹran kan náà ni, bí wọ́n ṣe gé e ló yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fowó lé e nítorí pé gbèsè wà lọ́rùn kọ́ńpìnì, ẹlòmíì á ra irú rẹ̀ tí kò jẹ gbèsè, á fi orúkọ ara rẹ̀ yá owó tó kù. Ohun kan náà ló ní, ó sì rà á ní pọ́ọ́kú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ta ni báǹkì máa yá ní 8% lórúkọ ara rẹ̀, Màmá?

Màmá Ẹdinbọ́rà: Òótọ́ ni, ibì kan wà tó ń jò. Ọ̀rọ̀ wọn dúró lórí pé kò sówó orí, kò sí ìdàrú nígbà tí kọ́ńpìnì bá ń rì, èlé kan náà sì ni gbogbo ènìyàn ń san. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó sọ ibi tí ẹ ó wò: bí gbèsè bá sọ kọ́ńpìnì di ohun tó níye lórí jù, ó ní láti jẹ́ pé láti inú ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ti wá.

Ó wá kan owó orí, tí àwọn fúnra wọn padà tún ṣe lọ́dún 1963. Níbí, kọ́ńpìnì tí èrè rẹ̀ kò ju £50,000 lọ ń san 19%. Láìsí gbèsè, £7,600 ni ìjọba máa gbà, á ku £32,400. Tí gbèsè bá wà, èlé á kọ́kọ́ kúrò, 19% ti £32,000 á jẹ́ £6,080. Ẹ̀yin àti báǹkì jọ máa pín £33,920. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,520 lọ́dún àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ò rí i! Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Títí láé ni £1,520 yẹn á máa wọlé.

Màmá Ẹdinbọ́rà: Inú ìwé ni títí láé wà. Bàbá Alágbàá, ọdún mélòó ni wọ́n fún yín?

Bàbá Alágbàá: Márùn-ún, mà. £20,000 lọ́dún, èlé lọ́tọ̀.

Màmá Ẹdinbọ́rà: Èlé yín á máa dín kù nìyẹn: £8,000, £6,400, £4,800, £3,200, £1,600. Àpapọ̀ rẹ̀ £24,000. 19% rẹ̀ jẹ́ £4,560. Gbogbo ohun tí ìjọba máa fi sílẹ̀ fún yín lọ́dún márùn-ún nìyẹn. Ọdún tí ẹ ò bá sì jèrè, kò sówó orí tí èlé máa dín.

Ẹni Àná (Líìdì): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Oúnjẹ ilé ni mò ń tà ní olópòópò, gbèsè ló sì gbé e ró. Mi ò pa sísan jẹ lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹnì kan kàn gbọ́ pé mo tún lọ bẹ báǹkì ni. Oníṣu tó máa ń fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ ní owó lọ́wọ́ lòun fẹ́. Dírẹ́bà mi wáṣẹ́ síbòmíì. Kí báǹkì tó rántí pé mo wà láyé, ọjà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Tiyín tún wá le ju tèmi lọ. Àgbá tí ènìyàn fi ọdún kan kó jọ, ta ló máa gbé e fún kọ́ńpìnì tí wọ́n ní báǹkì ń bá dógò tì?

Màmá Ẹdinbọ́rà: Ẹ ṣeun. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ èrè owó orí, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí gbèsè tó borí ẹnikẹ́ni ní tòótọ́. Ẹni tó ń fi ilé háyà kò ní jìyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilé á ṣì dúró, ayálégbé á ṣì sanwó. Ní ti kágò, ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn gan-an ni ọjà.

Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ àbá tèmi, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní òkìkí burúkú máa sọ £60,000 nù nínú iye kọ́ńpìnì. £100,000 yẹn ń béèrè £28,000 lọ́dún àkọ́kọ́, owó orí sì tún wà. Mo ṣírò rẹ̀: bí èrè bá já wálẹ̀ ju nǹkan bí £32,700 lọ, kò ní ká a mọ́. Láti £40,000, ibẹ̀ kò jìnnà rárá. Bí ewu rẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, £6,000 lẹ fi ń wá £4,560.

Tí ẹ bá yá £40,000 lọ́nà kan náà, £1,824 lẹ máa jèrè lórí owó orí, èrè yín sì lè já dé nǹkan bí £13,100 kó tó dí yín lọ́wọ́. Bí mo bá fi ewu rẹ̀ sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, £600 ni. Ààrin ibẹ̀ ni mo máa wà, bó bá jẹ́ èmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìdá kan nínú mẹ́wàá, níbo lẹ ti rí i?

Màmá Ẹdinbọ́rà: Ìwé ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló máa sọ ọ́. Ẹ wo iye ìgbà tí èrè ti já wálẹ̀ ju £32,700 lọ. Ẹ sì bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n yẹn ń san owó oṣù fún ara rẹ̀ kó tó ka £40,000.

Bàbá Alágbàá: Àbúrò mi ní òun lè yá kọ́ńpìnì dípò báǹkì, kí èlé máa bọ́ sápò òun.

Màmá Ẹdinbọ́rà: Ìjọba á gba owó orí lórí èlé yẹn lọ́wọ́ òun náà. Miller fúnra rẹ̀ gbé e jáde lọ́dún 1977, pé ìyẹn lè jẹ gbogbo àǹfààní gbèsè tán. Bó ṣe máa rí fún yín dá lórí iye tó ń gbà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi oníṣirò owó yín.

Bàbá Alágbàá: Mo ti pe báǹkì. Wọ́n gbà láti yá wa ní £40,000, ṣùgbọ́n èlé á di 9%, wọ́n sì ní kí àwa méjèèjì fi ilé wa ṣe onídùúró. Ìyàwó àbúrò mi ní òun ò ní buwọ́ lù ú. Ìwé èrè ọdún mẹ́rin dé láàárọ̀ yìí, £29,000 ni wọ́n jẹ lọ́dún kẹta.