Ọmọ tuntun mọ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a pè nínú eré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mò ń kọ́. Àwọn 24 ni wọ́n, mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́jọ́ Ajé a jókòó yíká, kálukú ń ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú kó tó sọ tirẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Ọmọbìnrin tuntun kan ló wà nígbẹ̀yìn. Nígbà tó máa fi kàn án, orúkọ ti lé ní ogún. Ó kàn tẹjú mọ́lẹ̀ ni, ó ń fa okùn bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n ń yí bọ́ọ̀lù sí ara wọn nílẹ̀: ẹni tó fẹ́ yí i á kọ́kọ́ pe orúkọ ẹni tó ń yí i sí, gbogbo wọn á sì gbè é lẹ́ẹ̀mejì. Èyí dára gan-an, torí ẹni tó bá gbàgbé á tún gbọ́ ọ. Ọmọ náà ń bá wọn gbè é. Tí mo bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, á nawọ́ sí onítọ̀hún láìṣì í. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá kàn án, á yí i láìsọ nǹkan kan.

Mo ń rò ó pé kí ọmọ kan máa bá a pe orúkọ náà pọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè gbára lé e.

Báwo ni mo ṣe lè mú un kúrò nínú gbígbè pẹ̀lú ẹgbẹ́, kó bọ́ sí dídá orúkọ pè, láìfipá mú un?

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.